Ibi Tí Páìpù Bá Wà Ló Ń Pinnu Ọjọ́ Orí Rẹ̀

Ní ọjà àwọn ohun èlò ilé kíkọ́ ní Orílé l'Ékòó, bí ẹ bá bèèrè bí páìpù omi kan yóò ṣe pẹ́ tó, ọdún 50 ni ọ̀pọ̀ òǹtajà yóò dá yín lóhùn. Wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀ nípa páìpù dúdú onílà búlúù tí wọ́n ká róbótó, wọ́n á sọ ọ́ nípa funfun onígọ́ọ̀mù, wọ́n á sì tún sọ ọ́ nípa aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń fi iná jó pọ̀. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Ọdún 50 náà wà nínú ìwé àwọn tó ń ṣe páìpù lóòótọ́, ṣùgbọ́n májẹ̀mú kan wà nídìí rẹ̀ tí wọn kì í kà sétí oníbàárà. Ẹni tó fẹ́ ra páìpù sílé rẹ̀ yẹ kó gbọ́ májẹ̀mú yẹn kó tó tọwọ́ bàpò.

Kò sẹ́ni tó jókòó ti páìpù fún ọdún 50 kó tó gbé e wá sọ́jà. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á dé páìpù náà lẹ́nu méjèèjì, wọ́n á fi ipá rọ omi kún inú rẹ̀, wọ́n á rì í sínú omi gbígbóná, wọ́n á wá máa ka wákàtí títí yóò fi bẹ́. Ìdánwò náà lè lọ tó wákàtí 10,000, ìyẹn ọdún kan àti oṣù bíi mélòó kan. Ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò ipá tí páìpù náà lè gbà fún ọdún 50 kó má bẹ́, bí omi inú rẹ̀ kò bá gbóná ju dígírì 20 lọ. Májẹ̀mú náà nìyẹn. Ilẹ̀ tiwa níhìn-ín kì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá gbẹ́lẹ̀ dé mítà kan, nǹkan bíi dígírì 27 la ó bá níbẹ̀, páìpù tó sì so mọ́ ara ògiri lọ́sàn-án gangan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè gbóná kọjá 50.

Bákan náà, ọdún 50 kì í ṣe ọjọ́ ikú páìpù. Láàárín ọdún 1930 sí 1940 ni àwọn ará Jámánì kọ́kọ́ ri páìpù onígọ́ọ̀mù mọ́lẹ̀ fún omi mímu, nígbà tí wọ́n sì hú díẹ̀ nínú wọn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n bá wọn lálàáfíà. Abẹ́ ilẹ̀ tútù ni wọ́n wà, oòrùn kò rí wọn, ẹnikẹ́ni kò sì jìn wọ́n. Bí wọ́n bá so irú páìpù kan náà mọ́ ara òpó táńkì n'Ìbàdàn, ọ̀tọ̀ ni ìtàn tí à bá máa sọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan, irú èyí tó pọ̀ ní Àkóbọ̀ àti láwọn àdúgbò tuntun yòókù n'Ìbàdàn. Ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́ta ni. Bọ́ọ̀hòòlù wà lẹ́yìnkùlé, pọ́ǹpù ń fa omi lọ sínú táńkì tó wà lórí òpó onírin tó ga ní mítà 6. Láti ẹsẹ̀ òpó, páìpù rìn lábẹ́ ilẹ̀ fún mítà 22 kó tó wọ ilé. Nínú ilé, ó wọ inú ògiri lọ sí ilé ìdáná àti balùwẹ̀, ẹ̀ka kan sì lọ bá hítà. Ẹ̀rọ kan tún wà ní iwájú ilé tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò. Omi kan náà ló ń gba gbogbo ọ̀nà yìí kọjá, ṣùgbọ́n ohun tó lè pa páìpù ní ibì kan kọ́ ló lè pa á ní ibòmíràn. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pẹ̀lú púlọ́ńbà tó bá ní irú páìpù kan ṣoṣo lòun máa ń lò láti bọ́ọ̀hòòlù títí dé yàrá.

Ká kọ́kọ́ mú ẹ̀rù ipá omi kúrò. Mítà 10 tí omi bá fi ga ni ipá rẹ̀ fi ń jẹ́ báà kan. Táńkì tó wà ní mítà 6 kò lè ti omi pẹ̀lú ipá tó tó báà kan nínú ilé ilẹ̀, páìpù tí wọ́n bá sì tẹ PN 10 sí lára lè gba báà 10. Páìpù tó wà láàárín pọ́ǹpù àti táńkì nìkan ni ipá rẹ̀ le díẹ̀: bí pọ́ǹpù bá wà ní mítà 40 nínú kànga, ó ní láti ti omi sókè ní mítà 46, ìyẹn bíi báà 5 nísàlẹ̀ pátápátá. Nítorí náà, nínú ilé tó ń fi táńkì mu omi, ó ṣọ̀wọ́n kí ipá omi tó fa páìpù gidi ya. Ooru, oòrùn, ìpata àti oríkèé tí wọn kò so dáadáa ló ń ṣe é.

Nílé àwọn bàbá wa, páìpù onírin tí wọ́n fi síńkì bò, èyí tí àwọn púlọ́ńbà ń pè ní gáfánáìsì, ló jọba. Síńkì yẹn kì í ṣe ọ̀dà lásán. Òun ló máa ń jẹ kí ìpata tó kan irin. Bó bá ti tán ni irin fúnra rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Bí síńkì yóò ṣe yára tán tó wà lọ́wọ́ omi tó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Omi tó ní ẹfun dáadáa a máa tẹ́ èèpá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú páìpù, èèpá náà á sì dáàbò bò ó, débi pé irú páìpù bẹ́ẹ̀ lè lo ogójì tàbí àádọ́ta ọdún. Omi abẹ́ ilẹ̀ tiwa kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ibi. Èyí tó ń sun láti inú àpáta Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta sábà máa ń ṣẹ́ẹ́rẹ́, ẹfun inú rẹ̀ kì í pọ̀, ásíìdì díẹ̀ sì máa ń wà nínú rẹ̀. Ti inú yanrìn Èkó tún máa ń ní ásíìdì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú omi bẹ́ẹ̀ kì í tẹ́ èèpá, síńkì gan-an ló ń jẹ, páìpù tí ì bá lo àádọ́ta ọdún a sì máa di ìṣòro kó tó pé ogún.

Ibi tí ìpata ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ẹnu tírẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí púlọ́ńbà bá ń gé tírẹ́ẹ̀dì sí páìpù onírin, ó ti gé síńkì ibẹ̀ dànù, ó sì ti sọ ara páìpù di tín-ín-rín. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí i pé ẹ̀bá sókẹ́ẹ̀tì àti ẹ́bò ni páìpù onírin ti ń kọ́kọ́ sun omi pupa, nígbà tí àárín rẹ̀ ṣì ń dán. Nínú ihò rẹ̀, ìpata kì í lọ bó bá ti yọ. Ó máa ń wú ni, á so kókó-kókó, á sì fún ọ̀nà omi. Ìfúnpọ̀ yìí burú ju bí ojú ti rí i lọ. Bí ihò páìpù bá dín sí ìdajì, ìdènà tí omi kan náà yóò bá pàdé níbẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 30. Onílé á wá máa rò pé táńkì òun kò ga tó, á ní kí wọ́n gbé e sókè sí i, bẹ́ẹ̀ inú ògiri ni àìsàn náà wà.

Ẹni tó bá ń gbé inú ilé àtijọ́ lè mọ ibi tí páìpù rẹ̀ dé láìfọ́ ògiri. Kí ó gbé ife funfun sábẹ́ ẹ̀rọ láàárọ̀ kùtùkùtù, kí ẹnikẹ́ni tó lo omi. Bí omi ife àkọ́kọ́ bá pupa rúsúrúsú, tó sì mọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, páìpù ló ń pata lóru. Bó bá pupa láti àárọ̀ di alẹ́, ó lè jẹ́ pé láti inú kànga ni irin ti ń bá omi bọ̀. Lẹ́yìn náà kí ó ṣí ẹ̀rọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ṣíṣí èkejì bá sọ ti àkọ́kọ́ di kíkán tó-tó-tó, ọ̀nà ti fún. Bí páìpù bá ti rí báyìí, mi ò rí èrè nínú kéèyàn máa pààrọ̀ ẹsẹ̀ kan lónìí, òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Gbígbọ̀n tí wọ́n bá gbọ̀n ọ́n nígbà tí wọ́n ń tú u yóò já ìpata inú rẹ̀, ìpata náà á sì lọ dí ẹnu ṣáwà àti fáàfù.

Síbẹ̀, nínú ilé wa ní Àkóbọ̀, ibì kan wà tí mi ò ní fi ohun mìíràn rọ́pò onírin: ẹsẹ̀ ẹ̀rọ iwájú ilé. Ẹ̀rọ tí ọmọdé ń fà, tí wọ́n ń so ọ̀sẹ̀ rọ́bà mọ́, tí mọ́tò lè fara gbún, kò yẹ kó dúró lórí páìpù rọ́bà. Mítà kan ti onírin, tí wọ́n fi kọnkéré dì nísàlẹ̀, á ṣiṣẹ́ ọ̀hún, bó bá sì pata lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wákàtí kan ni wọ́n á fi pààrọ̀ rẹ̀.

Ká wá sí ara òpó táńkì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àṣìṣe tó pọ̀ jù, torí pé páìpù funfun onígọ́ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ ń fi gùn ún. Ẹni tó bá rí páìpù onígọ́ọ̀mù tó ti lo ọdún díẹ̀ nínú oòrùn á rí i pé ara rẹ̀ ti ṣú, ó ti di pípọ́n bí èèpo iṣu tí wọ́n sun. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni oòrùn ń jẹ, kò jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́ di ohun tó ń fọ́ wẹ́wẹ́: òkò kan, àkàbà tó yọ̀ lu ú, ó parí. Ooru tún ń ṣe tirẹ̀. Ní dígírì 45, ó ti pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ lọ. Bó bá kọjá 60, kò yẹ kó gbé omi tó ní ipá rárá.

Páìpù tún máa ń gùn sí i bí ara rẹ̀ bá gbóná, á sì súnkì bó bá tutù. Bí páìpù orí òpó wa tó jẹ́ mítà 6 bá wà ní dígírì 24 láàárọ̀, tó sì di 54 lọ́sàn-án, onírin yóò fi mìlímítà 2 gùn sí i, onígọ́ọ̀mù yóò fi nǹkan bíi 13, aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń fi iná jó yóò fi 27. Ojoojúmọ́ ni èyí ń ṣẹlẹ̀. Bí púlọ́ńbà bá fi wáyà dì í mọ́ òpó pinpin lókè àti nísàlẹ̀, tí kò fi àyè sílẹ̀, ẹ́bò ni yóò máa fi orí fá gbogbo ìfàsẹ́yìn náà, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti ya. Àwọn kan á ní gọ́ọ̀mù ni kò dára. Gọ́ọ̀mù kò ṣẹ̀.

Páìpù dúdú ni mo fara mọ́ níbí. Pọ́líẹ́tílíìnì ni wọ́n fi ṣe é, èròjà tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ṣàwárí ní Northwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1933. Èédú lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n pò mọ́ ọn, bí ìdá méjì sí méjì ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, ló sọ ọ́ di dúdú, èédú yẹn ló sì ń gba oòrùn mú kó má bàa wọ inú páìpù lọ. Òun náà ń gùn bí ooru bá mú un, kódà ó ń gùn ju aláwọ̀ ewé lọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ rọ̀, ó lè tẹ̀ díẹ̀ kó sì padà sípò láìya. Agbára rẹ̀ ń dín bí ooru ṣe ń pọ̀: bí a bá ka agbára rẹ̀ ní dígírì 20 sí ọgọ́rùn-ún, ní 30 ó ku 87, ní 40 ó ku 74. Èyí tí wọ́n tẹ PN 16 sí lára ni kẹ́ ẹ rà fún orí òpó, kẹ́ ẹ gbé e gba ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ọ̀sán kì í bà, kẹ́ ẹ sì dì í lọ́nà tí yóò lè yọ́ rìn.

Lábẹ́ ilẹ̀, fún mítà 22 láti òpó dé ilé, páìpù dúdú yìí kan náà kò ní ẹlẹgbẹ́. Káńkẹ́ rẹ̀ máa ń jẹ́ mítà 50 tàbí 100, nítorí náà ó lè lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìní oríkèé kankan nínú ilẹ̀. Onígọ́ọ̀mù, tó jẹ́ mítà 6 ẹyọ kan, yóò ní oríkèé mẹ́ta ó kéré tán lójú ọ̀nà yẹn. Nínú ilẹ̀ tí oòrùn kò dé, tí wọ́n fi yanrìn tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kí òkúta má bàa gún un, mo gbà pé páìpù dúdú tó jẹ́ ojúlówó yóò kọjá ọdún 50. Àfi ibì kan ni kẹ́ ẹ má ti rì í: ibi tí jẹnẹrétọ̀ máa ń wà, tàbí ibi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe. Epo bẹntiróòlù, kẹrosíìnì àti dísù lè la ara pọ́líẹ́tílíìnì kọjá wọ inú omi, páìpù náà kò sì ní ya, kò ní jò, òórùn omi nìkan lẹ ó máa gbọ́. Ẹ gbé e yí ibẹ̀ ká.

Ìwọ̀n ihò tún ṣe pàtàkì níbí, ó sì ti kó ọ̀pọ̀ onílé sí wàhálà. Nọ́ńbà tí wọ́n ń tẹ̀ sára páìpù rọ́bà, ìwọ̀n ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Ti onírin ń sọ̀rọ̀ nípa ihò. Páìpù aláwọ̀ ewé 25 tí wọ́n tẹ PN 20 sí lára nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ihò rẹ̀ kò ju mìlímítà 16.6 lọ. Dúdú 25 tó jẹ́ PN 16 ní ihò mìlímítà 20.4, dúdú 32 sì ní 26. Nínú ilé wa, ìsàlẹ̀ táńkì wà ní mítà 6, ṣáwà wà ní mítà 2, nítorí náà mítà 4 péré la ní láti fi ti omi. Ká ní ẹnì kan ń wẹ̀ lábẹ́ ṣáwà, ẹnì kejì ń fọ abọ́, tí wọ́n jọ ń lo lítà 18 ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá jẹ́ aláwọ̀ ewé 25 ni wọ́n rì sí mítà 22 yẹn, páìpù yóò jẹ nǹkan bíi mítà 3 nínú mẹ́rin kí omi tó wọ ilé. Dúdú 25 yóò jẹ díẹ̀ lé ní mítà kan, dúdú 32 kò ní jẹ tó ìdajì mítà. Owó tí ẹ ó fi kún un láti 25 sí 32 kéré jìnnà sí owó kí wọ́n gbé òpó táńkì ga sí i.

Nínú ògiri, ọ̀rọ̀ yí padà, torí hítà. Páìpù dúdú kò yẹ fún omi gbígbóná, onígọ́ọ̀mù náà kò yẹ, síńkì ara onírin sì máa ń kọ iṣẹ́ sílẹ̀ bí omi bá gbóná ju dígírì 60 lọ. Aláwọ̀ ewé tí wọ́n tẹ PPR sí lára ló lè fara da omi dígírì 70 fún ọ̀pọ̀ ọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára rẹ̀ níbẹ̀ kò tó ìdajì ti omi tútù. Ilé wa kò ní ipá tó pọ̀, kò séwu. Iná tí wọ́n fi ń jó o ni kẹ́ ẹ mójú tó. Irin ìjópọ̀ gbọ́dọ̀ gbóná dé dígírì 260, páìpù 20 yóò sì wà lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 5, 25 fún 7. Púlọ́ńbà tó bá fi sílẹ̀ pẹ́, tàbí tó tì í wọlé jù, yóò jẹ́ kí èyí tó yọ́ ṣàn sínú ihò, á sì dí ọ̀nà ní ìdajì láti ọjọ́ kìíní. Bí ẹ bá ń ṣọ́ iṣẹ́ náà, ẹ ní kó jó oríkèé kan pọ̀ fún yín, kó là á ní gígùn, kẹ́ ẹ wo inú rẹ̀.

Ṣé onígọ́ọ̀mù kò wá wúlò ni? Ó wúlò. Omi tútù nínú ilé, níbi tí oòrùn kò dé, tí ọwọ́ sì lè tó o bó bá jò, ó dára níbẹ̀, owó rẹ̀ sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún omi tó ní ipá, kì í ṣe fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń fi gbé omi ìdọ̀tí jáde. Kí wọ́n nu ẹnu rẹ̀ gbẹ, kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù kun páìpù àti inú sókẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n yí i díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tì í wọlé, kí wọ́n sì dì í mú fún ìdajì ìṣẹ́jú kó má bàa ti ara rẹ̀ jáde. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tan pọ́ǹpù kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Ewu mìíràn wà tó ń gé ọjọ́ orí dúdú, funfun àti aláwọ̀ ewé kúrú ju oòrùn lọ: páìpù tí wọ́n fi àlòkù rọ́bà yọ́ ṣe. Ojúlówó ní ìlà ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sí i lára ní mítà kọ̀ọ̀kan: orúkọ ẹni tó ṣe é, ìwọ̀n ẹ̀yìn àti nínípọn rẹ̀, PN rẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ẹ gé ẹnu rẹ̀, kẹ́ ẹ wo ojú ibi tí ẹ gé. Ó yẹ kó dán, kó jẹ́ àwọ̀ kan, kó má ní ihò wínníwínní tàbí ẹ̀jẹ̀ àwọ̀ mìíràn nínú. Ẹ wọn nínípọn rẹ̀ yíká. Bí apá kan bá fẹ́lẹ́ ju èkejì lọ, ẹ dá a padà. Dúdú 25 tó jẹ́ PN 16 yẹ kó nípọn tó mìlímítà 2.3, kò yẹ kó dín.

Kí wọ́n tó bo kòtò, kí wọ́n sì tó rẹ́ ògiri, kí púlọ́ńbà dí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ, kó fi pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ ìdánwò ti omi inú páìpù ilé dé báà 10, kó fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Ọwọ́ áàgo pọ́ǹpù náà lè lọ sílẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, torí páìpù rọ́bà ń fẹ̀ díẹ̀ bí ipá bá wọ inú rẹ̀. Kí ó tún un fà sókè lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ń lọ sílẹ̀ síbẹ̀, oríkèé kan ń jò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi fóònù ya àwòrán ògiri kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ na tépù ìwọ̀n sára rẹ̀ láti igun ilé, torí ẹni tó máa lu ìṣó sógiri yẹn lọ́jọ́ iwájú kò ní mọ ibi tí páìpù gbà.